Ta Ni Ó Ni Ohùn Náà?

Ní ọdún tó kọjá, àwa oníjó kíláàsì wa ń wá orin tí a ó fi jó ní Ọjọ́ Àṣà ilé ẹ̀kọ́ wa. Àbúrò mi ọkùnrin, Kọ́lá, ló mú fídíò kan wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, ọ̀rẹ́ náà sì rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń jó lórí àpáta, ìlù ń dún kíkankíkan, ohùn obìnrin kan sì ń lọ lókè ìlù náà bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìlù kankan wà níbẹ̀. Kò sí àkọlé lórí fídíò náà, kò sí orúkọ olórin, kò sí orúkọ ẹni tó yà á.

Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wa àgbà, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí, ní kí Kọ́lá tún un gbé sí i. Ó tẹ́tí, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ọmọ ló ń rẹ̀ lẹ́kún."

Kọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ ò gbọ́ èdè tó ń sọ o."

"N ò gbọ́ èdè. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́."

A kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Àmọ́ olùkọ́ tó ń ṣètò Ọjọ́ Àṣà fẹ́ kí a kọ orúkọ ẹni tó ni orin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ètò, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá a. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń ṣe ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ṣí Shazam lórí fóònù ìyá mi, mo gbé fóònù Kọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kí fídíò náà máa kọrin sí i létí. Kò rí nǹkan kan. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bákan náà ni. Mo tún kùn orin náà lẹ́nu sí Google, torí Google náà lè fi orin tí èèyàn kùn wá orin. Àwọn orin tó kó fún mi kò jọ ọ́ rárá, bóyá nítorí pé ìkùn mi kò dára tó, ìyẹn ni Kọ́lá sọ.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí n sọ bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Shazam kì í gbọ́ orin bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò mọ ìlù yàtọ̀ sí ohùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣa àwọn ibi tí ìró ti le jù jọ, ó ń sàmì sí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga sí àti ìgbà tó dún, ó sì ń da ìyókù nù. Àwọn àmì yẹn máa ń rí bí ìràwọ̀ lójú ọ̀run lóru. Bí a ṣe lè fi bí ìràwọ̀ ṣe tò mọ apá ibi tí a ń wò lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fi bí àmì ṣe tò wá orin nínú àkójọ ńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìtẹ̀ka ni. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka àwo orin ni, kì í ṣe ìtẹ̀ka ọ̀fun ẹni tó kọrin. Bí olórin kan náà bá tún orin kan náà kọ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lónìí, ẹ̀rọ náà kò ní dá a mọ̀, nítorí àmì kò ní tò bákan náà mọ́.

Ó sì tún ní ohun tó ń tàn án. Àwọn tó ń ṣe fídíò kéékèèké máa ń mú orin yára ju bó ṣe wà lọ kó lè bá ijó mu. Bí orin bá yára, tí ohùn rẹ̀ sì ga sí i, gbogbo ìràwọ̀ yẹn ti kúrò ní àyè wọn. Kọ́lá ló fura. Ó ní ohùn obìnrin náà ń dún bí ti òròmọdìyẹ, àti pé kò sí ẹni tó lè yára mí bẹ́ẹ̀ láàrin gbólóhùn méjì. Ó gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà fi dún bí ohùn èèyàn. Mo tún gbé Shazam sí i. Kò pẹ́ rárá tó fi kọ ìdáhùn: Sweet Lullaby, Deep Forest.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé Deep Forest ló ni orin náà, mo sì kà nípa wọn kí n lè rí nǹkan sọ. Ọkùnrin Faransé méjì ni wọ́n, Michel Sanchez àti Éric Mouquet. Ní 1992 ni wọ́n gbé àwo náà jáde, ó sì tà káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ohùn tí wọ́n lò nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn èèyàn inú igbó kìjikìji Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Pígímì. Mo kọ ìyẹn náà sí i: "Orin láti inú igbó Áfíríkà." Ó dùn mọ́ mi pé ilẹ̀ wa ni.

Olùkọ́ Yorùbá wa ló ka ìwé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó pè mí.

"Mojí, àwọn wo ni Deep Forest yìí?"

"Ọkùnrin Faransé méjì ni wọ́n, mà."

"Nínú àwọn méjèèjì, ta ló wá ní ohùn obìnrin?"

N kò rí èsì fún wọn. Ó tì mí lójú, kì í ṣe nítorí pé mo ṣe àṣìṣe, bí kò ṣe nítorí pé ìbéèrè náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò sì bi ara mi. Ohùn kan ni mo ń wá, mo sì gba orúkọ ẹlòmíràn mú ohùn náà. Ẹ̀rọ kò parọ́ fún mi o. Mo bi í pé àwo wo nìyí, ó sì dá mi lóhùn. Èmi ni mo rò pé mo bi í pé ta ló ń kọrin.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò kí n wá orin, ohun tí mo wá ni ibi tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ti rí ohùn náà. Àwọn olórin a máa gé ohùn nínú àwo àtijọ́ sínú tiwọn, ẹni tó bá ní sùúrù sì lè tọ ipa rẹ̀ padà. Ipa ti orin yìí gbé mi kúrò ní Áfíríkà pátápátá. Ó gbé mi lọ sí Erékùṣù Sólómọ́nì, nínú Òkun Pàsífíìkì, ní ìlà oòrùn Papua New Guinea. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù ibẹ̀ ni Malaita, àwọn Baegu sì wà lára àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ní 1970, onímọ̀ orin kan láti orílẹ̀-èdè Switzerland, Hugo Zemp, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Obìnrin kan kọrin sí i fún un. Ní 1973 orin náà jáde nínú àwo kan tí àjọ UNESCO ṣe àkójọ rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àlàyé nínú. Orúkọ orin náà ni Rorogwela. Orúkọ obìnrin náà ni Afunakwa.

Mo wá orin àkọ́kọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ọ. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, òun nìkan ni. Kí n má baà tún ṣìnà, mo gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo ń fetí sí ibi tó ti ń mí. Bí ẹlòmíràn bá tún orin ẹnì kan kọ, bó ti wù kó fara jọ ọ́ tó, kò lè mí sí àyè kan náà, kò lè fa ọ̀rọ̀ kan náà gùn bákan náà. Nínú Sweet Lullaby, gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ohùn Afunakwa gan-an ni wọ́n gé, wọ́n fi ìlù sábẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí àwo wọn.

Orin ìrẹmọlẹ́kún ni. Mo ní láti lọ sọ fún ìyá àgbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ n kò tètè lè sọ ìyókù fún wọn. Ọmọ òrukàn ni orin náà wà fún. Ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ló ń rẹ àbúrò rẹ̀ lẹ́kún. Ó ń bi í pé bó bá ń sunkún báyìí, ta ni yóò gbé e, nígbà tí àwọn méjèèjì kò ti ní òbí mọ́. Ó sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn òkú wọn ṣì ń ṣọ́ wọn. Ohun tí àwa ti fi jó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, tí à ń fò sókè tí à ń pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ fi í jó. Ní 2006, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Matt Harding, gbé fídíò kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń jó ijó kan náà ní ìlú lóríṣiríṣi káàkiri ayé. Sweet Lullaby ló wà lábẹ́ rẹ̀, fídíò náà sì tàn bí iná ọyẹ́. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún un lé lórí ni ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ó gbọ́ ìtàn ohùn náà, ó sì lọ sí Erékùṣù Sólómọ́nì láti wá obìnrin náà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Afunakwa ti kú ní 1998. Ó fi ìwákiri náà ṣe fídíò mìíràn, ó sì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó, ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí fi wà láyé lẹ́yìn tí Deep Forest gbé ohùn rẹ̀ jáde.

Bí orúkọ bá sọnù, àṣìṣe ni yóò gba àyè rẹ̀. Mo rí ẹ̀rí èyí lára afunfèrè ńlá kan láti orílẹ̀-èdè Norway, Jan Garbarek. Ní 1996 ó fi orin Rorogwela sínú àwo rẹ̀, ó fi fèrè rẹ̀ fọn ọ́n láìsí ohùn obìnrin náà níbẹ̀ mọ́, ó sì pè é ní Pygmy Lullaby, orin ìrẹmọlẹ́kún àwọn Pígímì. Odidi Òkun Índíà àti apá kan Pàsífíìkì ló wà láàrin Malaita àti àwọn tó kọ orin náà mọ́ lọ́rùn. Àṣìṣe tí èmi náà ṣe gẹ́lẹ́ ni. Ní ọdún yẹn kan náà, Hugo Zemp kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi ẹ̀dùn rẹ̀ hàn lórí bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ohùn tó gbà sílẹ̀.

Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dé ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, àríyànjiyàn sì bẹ́. Bàbá mi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ni orin tí ìyá mi fi rẹ èmi náà lẹ́kún? Kò sẹ́ni tó ni ín. Bí omi kànga àdúgbò ni orin ìrẹmọlẹ́kún, ẹni tí òùngbẹ bá gbẹ ni kó fà á. Obìnrin yẹn pàápàá, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni." Kọ́lá náà gbè é lẹ́yìn: "Ó sì ti kú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún un?"

Mo rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo gbà pé bàbá mi tọ̀nà nípa orin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé Afunakwa ló dá Rorogwela sílẹ̀. Àwọn Baegu lápapọ̀ ló ni ín, bí orin àwọn ìyá wa ṣe jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n orin yàtọ̀ sí ohùn. Bí Deep Forest bá ti kọ́ orin náà, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kànga ni à bá máa sọ. Èyí tí wọ́n gbé ni bí obìnrin kan ṣe mí ní ọjọ́ kan ní 1970. Ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Kànga jẹ́ ti àdúgbò, àmọ́ bí mo bá ti fa omi tèmi sínú kòròbà tí mo sì gbé e rù, ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ lórí mi kò lè sọ pé kànga ni òun ti pọn ọ́n.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Afunakwa kọrin fún àlejò kan tó gbé ẹ̀rọ dé. Bóyá ó mọ̀ pé àwọn ará ìlú òyìnbó yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gbà kí àlejò gbọ́ orin òun kò tíì gbà kí a fi orin náà sábẹ́ ìlù ijó, kí a sì tà á. Àṣẹ kì í gùn ju ohun tí a tọrọ rẹ̀ lé lọ. Èmi náà kò tọrọ nǹkan kan, mo kàn ń jó ni; ṣùgbọ́n mo fi orúkọ ẹlòmíràn sórí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pín fún òbí tó lé ní igba.

Ní ti ìbéèrè Kọ́lá, àwọn oníjàálá ni mo fi dá a lóhùn. Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé oníjàálá kì í kàn bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ, ẹni tó lè ti kú tipẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò dá orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ nínú ìjálá náà. Ìjálá jẹ́ ti gbogbo ọdẹ, síbẹ̀ orúkọ ń bẹ nínú rẹ̀. Òkú kò ní jẹ́ ìbà yẹn, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ló mọ̀ láti inú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nínú fídíò Kọ́lá, bí ẹni tó kọ́kọ́ gé e bá ti kọ Afunakwa, Malaita sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré, èmi kì bá má kọ pé inú igbó Áfíríkà ló ti wá. Orúkọ yẹn kò sì sọnù pátápátá nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé àwo kan. Ìlà kan péré ló so ó mọ́ ayé.

N kò sọ pé orúkọ tó. Owó tó yẹ kó dé Malaita kò ní torí pé mo dárúkọ kó dé ibẹ̀. Mo sì ti ronú nípa apá kejì rẹ̀: ká ní obìnrin tó ń gbé àgbàlá rẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, tó wà láàyè, tí ẹnì kan jí ohùn rẹ̀ gbà, ṣé ó yẹ kí èmi lọ wá a rí, kí n kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ sójú ayé kí gbogbo èèyàn lè máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Rárá o. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwákiri gbọ́dọ̀ dé kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bó bá sì ní òun kò fẹ́, ibẹ̀ ló parí sí. Àìsí orúkọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi pá ṣe fún un.

Ìwé ètò náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé nígbà tí mo tún un kọ: "Rorogwela, orin ìrẹmọlẹ́kún àwọn Baegu, Erékùṣù Sólómọ́nì. Afunakwa ló kọ ọ́. Deep Forest ló fi ìlù sí i." A kò fi í jó mọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú sí mi, nítorí a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ijó náà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. A gbé orin àkọ́kọ́ náà, èyí tí kò ní ìlù, sí etí àwọn òbí, mo sì ka ohun tó ń sọ fún wọn. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ dáadáa.

Ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo bẹ ìyá àgbà kí wọ́n jẹ́ kí n gba orin tí wọ́n fi ń rẹ Kọ́lá lẹ́kún sínú fóònù. Wọ́n gbà. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé àkùkọ kọ láàrin ti àkọ́kọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sí i. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn, kí n kọ orúkọ ìyá àwọn sí i nítorí ẹnu rẹ̀ ni àwọn ti gbọ́ ọ, kí n kọ Ìsẹ́yìn. Mo wá bi wọ́n bóyá mo lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní rárá, ti inú ilé ni. Ó ṣì wà nínú fóònù náà.